Àmì ló ń jẹ àyè nínú téẹ̀sì yín

Tí téẹ̀sì Yorùbá yín bá ti di ojú ewé méjì, ẹ yọ àmì kúrò kí ẹ tó máa gé ọ̀rọ̀. Ojú ewé kan ń gba lẹ́tà 160, àmọ́ tí ẹ, ọ, ṣ tàbí á kan ṣoṣo bá ti wọ̀ ọ́, 70 péré ni yóò gbà, torí wọn ò sí nínú àwọn lẹ́tà ìpìlẹ̀ tí téẹ̀sì ń lò. (Lẹ́tà kékeré è àti ò wà níbẹ̀ ní tiwọn!) “Ẹ̀yin ará, ọkọ̀ wa yóò gbéra ní Yábàá ní aago méje àárọ̀ Sátidé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má pẹ́” jẹ́ ojú ewé méjì; láìsí àmì, ẹyọ kan ni. Ṣùgbọ́n “e ma pe” lè di “ẹ má pè”, “oko” náà lè di oko àgbàdo. Ẹ kọ “danfo” àti “e tete de” dípò wọn.