Ọṣẹ tí ó "ń wo làpálàpá": àṣìṣe tí ó ń mú kí wọ́n yọ ọjà kúrò lórí ìkànnì

Àǹtí kan tí a jọ ń gbé àdúgbò ní Súrùlérè gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ kan. Ọṣẹ dúdú ni wọ́n ń tà. Ọjà Ojúwòyè ní Muṣin ni wọ́n ti ń ra osùn tí wọ́n ń pò mọ́ ọn. Ìkànnì tí wọ́n ti ń tà á ti yọ ọṣẹ náà kúrò lẹ́ẹ̀mejì láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yọ ọ́, Àǹtí á tún gbé e padà bí ó ṣe wà, kò sí lẹ́tà kan tí ó yí padà. Ìyẹn gan-an ni àṣìṣe àkọ́kọ́. Ẹni tí wọ́n bá yọ ọjà rẹ̀ tí ó tún gbé ọ̀rọ̀ kan náà padà ń fi ara rẹ̀ hàn bí olórí kunkun, ó sì lè pàdánù àkáǹtì rẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú àwọn ọjà tí kò ní ẹ̀bi kankan.

Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán nìyí:

"Ọṣẹ Awo-Làpálàpá. Ó ń wo làpálàpá, kúrúnà àti ìrorẹ́ láàrin ọjọ́ 7. Ó ń pa kòkòrò àìfojúrí. Ewé àti egbò nìkan ni, kò léwu rárá. Ẹ wo ẹ̀rí àwọn oníbàárà wa."

Mo ní, "Àǹtí, ẹ̀yin gan-an lẹ sọ ọṣẹ yín di oògùn." Inú bí wọn. "Ṣé irọ́ ni mo pa ni? Ọmọ mi ni mo fi í wẹ̀ tí làpálàpá orí ẹ̀ fi kásẹ̀ nílẹ̀!"

Mi ò sọ pé irọ́ ni. Ibi tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n rò pé òtítọ́ tàbí irọ́ ni ẹjọ́ náà. Rárá o. Ohun tí ọ̀rọ̀ yín sọ pé ọjà náà wà fún ni wọ́n ń wò. Èyí tí a fi ń fọ ara, tí a fi ń pa ara láti dán tàbí láti ta sánsán, ohun ìṣaralóge ni. Èyí tí a bá sọ pé ó ń wo àrùn, tí ó ń dènà àrùn, tàbí tí ó ń yí iṣẹ́ inú ara padà, oògùn ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ìkòkò kan náà ni a ti po méjèèjì. Bí ó bá sì ti di oògùn, ẹ̀rí oògùn ni wọn yóò béèrè. Ọmọ kan tí ara rẹ̀ yá kì í ṣe ẹ̀rí yẹn, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ọṣẹ ni, bóyá ìpara tí wọ́n rà ní kẹ́mísì ni, tàbí ó fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ wo kúrúnà. Kòkòrò kékeré tí ń wa ihò sínú awọ ló ń fà á, ó sì ń ran gbogbo ará ilé. Ẹni tí ó bá fi ọjọ́ 7 dúró de ọṣẹ lè ti kó o ran ìyàwó àti ọmọ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Kì í ṣe ìkà ni àwọn tó ń yọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò ń ṣe.

"Ó ń pa kòkòrò àìfojúrí" dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ó ti mú àwọn tó tóbi jù wá lọ. Ní ọdún 2016, àjọ FDA tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà fòfin de èròjà 19 nínú ọṣẹ tí wọ́n ń tà fún aráàlú gẹ́gẹ́ bí apakòkòrò, torí pé àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é kò lè fi ẹ̀rí hàn pé ó sàn ju ọṣẹ lásán àti omi lọ. Triclosan tí a ti ń gbọ́ látọdún pípẹ́ wà lára wọn. Bí àwọn yẹn kò bá rí ẹ̀rí mú wá, kí ni Àǹtí máa mú wá láti Ojúwòyè? Ẹ má sì sọ pé àwọn onímọ̀ ti yẹ osùn wò ní yàrá ìwádìí. Osùn inú ìgò kọ́ ni ọṣẹ yín. Ọṣẹ yín gan-an, bí ẹ ṣe pò ó, ni ẹ̀rí gbọ́dọ̀ wà fún.

"Kò léwu rárá" náà kò ṣeé fi hàn. Eérú tí a fi ń ṣe ọṣẹ dúdú máa ń gbóná, bí a kò bá wọ̀n ọ́n dáadáa ó ń ta ara. Kí ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì ní kí oníbàárà kọ́kọ́ fi díẹ̀ dán an wò ní ìgbọ̀nwọ́, ó dára ju ìbúra lọ.

A jókòó, a tún un kọ báyìí:

"Ọṣẹ dúdú olósùn. Ó ń fọ ìdọ̀tí àti òróró kúrò lára, ara á sì mọ́ tónítóní. Eérú èèpo kòkó, àdí àgbọn àti osùn ló wà nínú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó kan ojú. Bí ó bá ta yín, ẹ fi omi ṣàn án kúrò, kí ẹ má lò ó mọ́."

Orúkọ àrùn ti lọ, ọjọ́ 7 ti lọ, orúkọ ọjà náà ti yí padà. Àǹtí fẹ́ gbé e lọ, mo ní kí wọ́n dúró. Nísàlẹ̀ pátápátá, `#eczema` àti `#ringworm` ṣì wà níbẹ̀. Orí tó kún fún làpálàpá àti orí tó ti mọ́ wà nínú àwòrán kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nínú àwòrán kẹta, oníbàárà kan kọ ọ́ sí Wásáàpù pé "kúrúnà mi ti lọ, Ìyá mi." Ibẹ̀ ló ń dun àwọn ènìyàn jù, wọ́n á ní àwọn kọ́ làwọn sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti gbé ọ̀rọ̀ oníbàárà sókè láti fi tajà, ọ̀rọ̀ yín ni. A yọ gbogbo rẹ̀.

Kì í sì ṣe orúkọ àrùn nìkan. "Ó ń mú irun hù" kò dárúkọ àrùn, síbẹ̀ ó sọ pé ọjà náà yí iṣẹ́ ara padà. "Ó ń mú irun rọ̀, kì í jẹ́ kó tètè já nígbà tí ẹ bá ń yà á" ni kí ẹ sọ nípa àdí àgbọn. Bíi ti "ó ń mú irun hù" náà ni "ó ń fọ ẹ̀jẹ̀" àti "ó ń yọ májèlé ara" rí, ẹ má kọ wọ́n.

Àǹtí béèrè nípa àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n tún ń tà nínú ike. Ìyẹn le. Ohun tí a bá ń gbé mì kò lè di ohun ìṣaralóge láéláé, kò sí bí a ṣe lè tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ. Òfin ọdún 1993 ní Nàìjíríà kò sì jẹ́ kí á polówó oògùn tàbí ohun ìṣaralóge tí a kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NAFDAC, ọṣẹ náà wà níbẹ̀. Àwọn tó ti gba nọ́ḿbà àgbo, tí lẹ́tà L wà ní ìparí rẹ̀, náà máa ń ṣìnà. Wọ́n á kọ pé "NAFDAC ti jẹ́rìí pé ó ń ṣiṣẹ́", bẹ́ẹ̀ lára ike kan náà ni wọ́n ti kọ ọ́ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ pé ó ń ṣe wò.

Àǹtí gbé àgbo kúrò lórí ìkànnì lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò dùn mọ́ wọn nínú. Wọ́n sì dá ìpolówó ọṣẹ olósùn náà dúró títí NAFDAC á fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.