Ìṣirò Kálórì fún Ẹni tí Ìsàlẹ̀ Ara Rẹ̀ Kò Ṣiṣẹ́: Ohun tí Mo Ṣe fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ìlú Oǹdó. Ìjàǹbá ọkọ̀ ló ba okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn wọn jẹ́ ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, láti ìgbà náà ni ìbàdí wọn títí dé ẹsẹ̀ kò ti ṣiṣẹ́ mọ́, tí wọ́n sì ń fi maṣíìnì ọlọ́wọ́ ránṣọ láti orí àga oníkẹ̀kẹ́. Ní ọdún tó kọjá, wọ́n rí i pé ikùn àwọn ń yọ, bẹ́ẹ̀ áàpù orí fóònù wọn ń sọ pé ìwọ̀n wọn dára, pé kí wọ́n máa jẹ 2,200 kálórì lóòjọ́. Wọ́n ní kí n bá àwọn wo ibi tí ìṣirò náà ti wọ́.

Ìwọ̀n ara gan-an ni mo kọ́kọ́ wá. Mo tì wọ́n pẹ̀lú àga wọn gun òṣùwọ̀n pẹrẹsẹ tí àwọn oníkòkó fi ń wọn àpò, ó jẹ́ kílò 89. Mo wá wọn àga àti tìmùtìmù rẹ̀ lọ́tọ̀, ó jẹ́ 17. Kílò 72 ló kù. Orí ibùsùn ni mo ti wọn gígùn wọn, pẹ̀lú ẹsẹ̀ ní nínà, ó sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 174. Ọmọ ọdún 42 ni wọ́n. Ìṣirò tí áàpù náà lò fún agbára tí ara ń ná bí èèyàn bá sinmi nìyí:

```
10*72 + 6.25*174 - 5*42 + 5 = 1602.5
```

Ara àwọn tó ń rìn ni wọ́n fi ṣe ìṣirò yìí. Ó gbà pé iṣan tó wà nínú kílò 72 ẹ̀gbọ́n mi pọ̀ tó ti ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ iṣan itan àti ìdí, tó wà lára àwọn tó tóbi jù lọ, máa ń gbẹ nígbà tí iṣan ara tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ọpọlọ kò bá pè wọ́n ṣiṣẹ́ mọ́, tí ọ̀rá á sì gba àyè wọn. Agbára tí ọ̀rá ń ná kéré gan-an sí ti iṣan. Àwọn tó wọn ọ̀rọ̀ yìí rí i pé agbára tí irú ara bẹ́ẹ̀ ń ná bí ó bá sinmi máa ń dín ní nǹkan bí ìdá 14 sí 27 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo mú 20, ó ku 1,282. Áàpù náà ti fi 1.375 sọ tirẹ̀ di púpọ̀, bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n mi ń fi ẹsẹ̀ rìn káàkiri. Èmi fi 1.2, ó fún mi ní 1,538.

N kò fọkàn tán 1,538 yẹn, nítorí ìfojúdá ni òun náà. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìyàwó wọn ń wọn oúnjẹ kí ó tó bù ú, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì jẹ́ 2,000 lóòjọ́ bí a bá pín in. Àràárọ̀ ọjọ́ Ajé ni a ń wọn wọ́n, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti da ìtọ̀ inú àpò nù, nínú ṣòkòtò kan náà. Kílò kan ni wọ́n fi sanra. Kí n má baà ka omi ẹsẹ̀ wíwú mọ́ ọ̀rá, mo ti ń fi téèpù wọn ojúgun wọn, kò sì yí padà. Kílò ọ̀rá kan tó nǹkan bí 7,700 kálórì; bí a bá pín in sí ọjọ́ 28, ó jẹ́ 275. Nítorí náà, 2,000 tí a yọ 275 kúrò, ìyẹn 1,725, ni wọ́n ń ná. Ẹ̀rín pa mí: èmi náà ti ṣì í, nítorí ọwọ́ tó ń yí maṣíìnì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó jókòó lásán. Bí àkọsílẹ̀ oúnjẹ wa bá tilẹ̀ fi díẹ̀ tàsé, ọ̀nà kan náà ni a ó fi wọn oúnjẹ tí a bá dín, nítorí náà 1,725 yẹn ṣì wúlò fún wa.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọ̀rá. Bí a bá fi gígùn wọn ní mítà, tí a sọ di ìlọ́po ara rẹ̀, pín ìwọ̀n wọn, 23.8 ni, áàpù sì kùn ún ní àwọ̀ ewé nítorí pé kò tó 25. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí okùn ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ bàjẹ́, 22 ni àwọn olùwádìí ti fi ààlà sí, torí ọ̀rá ti rọ́pò iṣan láìjẹ́ kí òṣùwọ̀n mọ̀. Ẹ̀rọ ilé tó ń rán iná mànàmáná wọ àtẹ́lẹsẹ̀ kò wúlò fún wa: ẹ̀gbọ́n mi kò lè dúró lé e, omi tó bá sì sọ̀ sí ẹsẹ̀ máa ń jẹ́ kí iná kọjá wẹ́rẹ́, ẹ̀rọ á wá kà á sí iṣan. Téèpù aránṣọ wọn ni mo gbára lé. Wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n mí síta, mo sì wọn ikùn wọn lábẹ́ egungun ìhà ìsàlẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 97, nígbà tí ààlà tiwọn jẹ́ 94.

A gbé oúnjẹ wọn sí 1,500. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kílò kan ààbọ̀ ti lọ, ikùn sì ti di 95. Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ni egbò àjókòópẹ́ yọ sí wọn ní ìdí. Nọ́ọ̀sì tó ń wẹ egbò náà ní kí a má dín oúnjẹ kù mọ́, pé ara tó ń wo egbò sàn ń ná agbára ju bí ó ti ń ná tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì ní kí a fi ẹja àti ẹyin kún un. A gbé e lé 30 kálórì fún kílò kọ̀ọ̀kan, ìyẹn nǹkan bí 2,100. Bí egbò náà bá jinná, orí òṣùwọ̀n oníkòkó ni a ó ti tún un bẹ̀rẹ̀.