Bí mo ṣe pàdánù ₦12,150 kí n tó mọ bí a ti ń wá iye fóònù kí wọ́n tó dín in

Kì í ṣe pé olè jà mí. Èmi fúnra mi ni mo gbé owó yìí fún àwọn oníbàárà, mo tún fi ẹ̀rín sí i, mo ní kí wọ́n máa bá mi polówó. Ẹgbàafà náírà ó lé àádọ́jọ, ó lọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó sì mú un lọ ni ìṣirò tí mo gbà pé mo mọ̀ láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Fóònù ni mò ń tà, ní Dùgbẹ̀, nílùú Ìbàdàn. Ní oṣù kan tí ọjà dákẹ́, ẹnì kan tí mo máa ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì, Ìkẹjà, fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí wa pé òun ti yọ 15% kúrò nínú iye fóònù kan báyìí. Mo ra márùn-ún. Bí a ṣe ń san owó àti bí dẹ́rẹ́bà ṣe ń gbé ẹrù wá sí gáréèjì, ẹni tó bá ń ṣe òwò yìí mọ̀ ọ́n, mi ò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Ọjà dé, páálí wọn kò já, gbogbo ẹ̀ pé.

Rìsíìtì ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Bàbá yìí kò kọ iye tó ń tà á tẹ́lẹ̀ sí i rárá. Ohun tó kọ kò ju pé ó ti yọ 15%, pé fóònù márùn-ún jẹ́ ₦765,000, owó ọkọ̀ ₦7,500, àpapọ̀ ₦772,500. Ète mi sì ni pé iye tí fóònù náà jẹ́ kí wọ́n tó dín in ni màá tà á, kí 15% yẹn di èrè mi. Mo pè é kí n bi í léèrè. Kò gbé e. Mo tún pè é nírọ̀lẹ́, ó pa á mọ́ mi létí. Mo ní kò burú, ṣé ìṣirò kékeré yìí ló máa le tó bẹ́ẹ̀ ni?

Mo pín ₦765,000 sí ọ̀nà márùn-ún, ó fún mi ní ₦153,000. Ó yẹ kí n gbóríyìn fún ara mi níbí yìí, nítorí mo rántí yọ owó ọkọ̀ kúrò ná. Ẹ̀dínwó kò dé orí owó ọkọ̀. Ẹni tó bá pa á pọ̀ mọ́ owó ọjà kó tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, ọ̀nà ti yà fún un láti ẹnu ọ̀nà. Àmọ́ ibẹ̀ náà ni ọgbọ́n mi parí sí. Mo mú kalikulétọ̀ orí fóònù mi, mo ní kó fi 15% kún ₦153,000. Ó gbé ₦175,950 jáde. Mo kọ ọ́ sórí páálí gàdàgbà, mo gbé e kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ wo iye yẹn dáadáa. Ta ló ń ta fóònù ní ₦175,950? Àwa oníṣòwò fẹ́ràn iye tó ṣe déédéé tàbí èyí tó parí sí 999. Ó yẹ kí àádọ́ta tó wà nídìí rẹ̀ ti pariwo sí mi létí. Dípò bẹ́ẹ̀, ṣe ni mo rò pé ó jẹ́ kí n dà bí ẹni tí ìṣirò yé. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin mo ti ta mẹ́ta, inú mi sì ń dùn ṣìnkìn.

Oníbàárà kẹrin ló tú mi fó. Ó wo páálí, ó wo fóònù, ó wo ojú mi. “Ọ̀gá, níbi tí mo ti ń bọ̀, ₦180,000 ni. Kí ló dé tí tiyín fi wálẹ̀? Ṣé tòkunbọ̀ kọ́ nìyí?” Mo bura fún un pé tuntun ni. Ó ní òun ń bọ̀. Ẹ̀yin náà mọ ìtumọ̀ “mò ń bọ̀” lẹ́nu oníbàárà.

Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi bá ọ̀rọ̀ yìí jà. Mo kọ́kọ́ gbà pé bàbá Ìkẹjà ló rẹ́ mi jẹ, pé ẹ̀dínwó tó ṣe kò tó 15%. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí Wọ́sáàpù, ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbẹ̀ kò dára. Lẹ́yìn náà ni mo wá jókòó, mo ní kí n tiẹ̀ gbà pé ₦180,000 ni lóòótọ́, kí n yọ 15% rẹ̀ wò. Ìdá 15% nínú ₦180,000 jẹ́ ₦27,000. Mo yọ ọ́, ó kù ₦153,000 géérégé. Ẹnu yà mí. Tí mo bá ti òkè wá sílẹ̀, ó bá a mu. Tí mo bá ti ilẹ̀ padà sókè pẹ̀lú 15% kan náà, mi ò dé òkè, ó ku ₦4,050 kí n débẹ̀ lórí fóònù kan. Lórí mẹ́ta tí mo ti tà, ₦12,150 nìyẹn. Mo tún un ṣe lórí kalikulétọ̀ ìyàwó mi, bóyá tèmi ló bàjẹ́. Nǹkan kan náà ló sọ. Mo tiẹ̀ ṣe é lórí bébà. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi.

Màmá tó ń ta búrẹ́dì níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ló gbọ́ bí mo ṣe ń dá sọ̀rọ̀. Mo ṣàlàyé fún un, mo rò pé ó kàn máa bá mi kẹ́dùn ni. Ó fa búrẹ́dì kan yọ, èyí tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ gé.

“Bàbá Ìbejì, ègé mélòó ló wà nínú eléyìí?”

“Ogún ni, mà.”

Ó mú mẹ́ta. “Mélòó ló kù?”

“Mẹ́tàdínlógún.”

“Tí a bá fẹ́ kó pé padà, mélòó la máa dá sí i?”

“Mẹ́ta náà ni, mà.”

“Ẹ ṣé. Inú ogún ni wọ́n ti mú mẹ́ta yìí. Ẹ̀yin wá lọ ń wá a nínú mẹ́tàdínlógún. Níbo lẹ ti fẹ́ rí i?”

Mo dákẹ́ lọ gbári. Mẹ́ta nínú ogún, 15 nínú ọgọ́rùn-ún náà ni. Nígbà tí mo sọ fún kalikulétọ̀ pé kó fi 15% kún un, inú ègé mẹ́tàdínlógún tó kù ló ti bu 15% tirẹ̀, ègé méjì àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ ló sì rí bù. Kò lè pé mẹ́ta láéláé. Ẹ̀rọ kò ṣàṣìṣe. Ìbéèrè tí mo bi í ló dáhùn, àmọ́ ìbéèrè yẹn kọ́ ni mo fẹ́ bi í.

Láti ibẹ̀, iṣẹ́ náà kò tó ìṣẹ́jú kan. Tí ègé mẹ́tàdínlógún bá jẹ́ ₦153,000, ègé kan jẹ́ ₦9,000. Ogún ègé sì jẹ́ ₦180,000. Fún ẹ̀dínwó mìíràn tí kò bọ́ sí ti búrẹ́dì, ẹ ka odidi iye àkọ́kọ́ sí ọgọ́rùn-ún ègé. Ẹ yọ ẹ̀dínwó kúrò nínú ọgọ́rùn-ún kí ẹ mọ iye ègé tí ẹ sanwó fún. Tèmi jẹ́ 85. Ẹ wá fi 85 pín owó tí ẹ san kí ẹ mọ iye ègé kan, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ nìyí báyìí:

```
153000 ÷ 85 × 100 = 180000
```

Ẹ má fọwọ́ kan àmì % orí ẹ̀rọ yẹn fún iṣẹ́ yìí. Èmi ò fọwọ́ kàn án mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ẹ̀dínwó kúrò nínú iye tó jáde kí ẹ rí i bóyá owó tí ẹ san ló kù. Ká ní mo ti ṣe ìyẹn ní ọjọ́ àkọ́kọ́, 15% inú ₦175,950 ì bá ti jẹ́ kó kù ní ₦149,557 àti kọ́bọ̀, màá ti mọ̀ pé mo ti ṣìnà.

Ọgbọ́n tuntun yìí gùn mí. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ẹlòmíràn ta fóònù kékeré kan fún mi ní ₦102,600. Ó ní òun kọ́kọ́ yọ 10%, pé nítorí mo jẹ́ oníbàárà àtijọ́ òun tún yọ 5% sí i. Mo pa méjèèjì pọ̀ di 15%, mo fi 85 pín in pẹ̀lú ìgboyà, ó sì gbé ₦120,705 àti kọ́bọ̀ jáde. Lọ́tẹ̀ yìí mo mọ ohun tí kọ́bọ̀ ń sọ. 5% kejì yẹn, inú ohun tó kù lẹ́yìn 10% ni wọ́n ti yọ ọ́, wọn ò yọ ọ́ nínú odidi. Nítorí náà, èyí tí wọ́n yọ gbẹ̀yìn la máa kọ́kọ́ tú: ₦102,600 pín sí 95, ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, ó jẹ́ ₦108,000. Ká wá pín ₦108,000 sí 90, ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, ó di ₦120,000 gééré. Màmá oníbúrẹ́dì kò sí nítòsí lọ́jọ́ náà. Èmi nìkan ló tú u.

Àmọ́ nígbà tí mo fẹ́ tà á ní ₦120,000, kò sẹ́ni tó yà sí i. Mo rìn yí Dùgbẹ̀ ká, mo rí i pé ₦112,000 ni gbogbo èèyàn ń tà á. Ìṣirò mi kò tàsé. Iye tí ọkùnrin yẹn sọ pé òun yọ ẹ̀dínwó nínú rẹ̀ ni mo rí, ẹnu tirẹ̀ ló sì ti wá, ọjà kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ní báyìí mo máa ń béèrè iye ọjà ní ṣọ́ọ̀bù méjì kí n tó gbé páálí kọ́.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá Ìkẹjà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò tíì gbọ́ ohùn yẹn, mo sì sáré pa á rẹ́. Fóònù méjì tó kù, mo tà wọ́n ní ₦180,000. Ẹnì kan nínú àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ tún pè mí láná, ó ní àbúrò òun fẹ́ irú ẹ̀, ṣé mo ṣì ń tà á ní ₦175,950.