Má Sọ Oyè Olúwa Di Ọlọ́run: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Títúmọ̀ Orúkọ àti Oyè

Ìwé ilẹ̀ ìdílé ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ àwa tí a ń túmọ̀ ìwé ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọmọ ilé á gbé ìwé ẹjọ́ àtijọ́ tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ wá, á ní ká sọ ọ́ di Yorùbá kí àwọn àgbà ẹbí lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ òfin inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dá wa láàmú tó orúkọ àti oyè.

Ẹjọ́ kan wà tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ mi. Òun ni ẹjọ́ ilẹ̀ Apápá tí ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì dá ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1921. “Amodu Tijani” ni wọ́n pe olùpẹjọ́ nínú ìwé náà, òun sì ni Olóyè Olúwa ti Èkó nígbà náà. Herbert Macaulay bá a lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920. Orúkọ kan àti oyè kan péré yìí ti tó láti kó atúmọ̀ sí ọ̀fìn.

Ẹni tó gbọ́ Lárúbáwá díẹ̀ ló sábà ń ṣe àṣìṣe kìíní. Ó rí Àmọ́dù, ó mọ̀ pé láti ara Ahmad ló ti wá, ló bá kọ Ahmad. Ó rí Bùráímọ̀, ó kọ Ibrahim. Ó rí Lásísì, ó kọ Abdulazeez. Lójú tirẹ̀, ó ń tún orúkọ ṣe. Ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n fi pe ènìyàn láyé, tó fi gba owó, tó fi tẹ̀ka, òun ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n gbé ìtúmọ̀ kan wá fún mi rí pé kí n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Bùráímọ̀ ló ta ilẹ̀ nínú ìwé àkọ́kọ́, atúmọ̀ sì kọ Ibrahim. Àbúrò Bùráímọ̀ kan wà nínú ilé yẹn tó ń jẹ́ Ibrahim gan-an, ìyẹn kò sì ta ilẹ̀ kankan. Àwọn ọmọ àbúrò fárí gá pé wọ́n parọ́ mọ́ bàbá àwọn, ó sì dùn mí fún wọn.

Nítorí náà, da orúkọ kọ lẹ́tà sí lẹ́tà bó ṣe wà nínú ìwé. Nígbà tí o bá kọ́kọ́ dárúkọ ẹni náà, o lè fi àmì ohùn sí i nínú àkámọ́, báyìí: Amodu Tijani (Àmọ́dù Tìjání). Bí ìwé méjì bá kọ orúkọ ẹnì kan lọ́nà méjì, kọ méjèèjì. Ẹbí ni yóò lọ búra ní kóòtù pé ẹnì kan náà ni, kì í ṣe atúmọ̀.

Èyí tó wá burú jù ni oyè. Mo ti rí i tí ẹnì kan tó ń túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì sọ Olúwa di ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe Ọlọ́run. Oyè ìdílé ni Olúwa yìí, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, ìyẹn àwọn olóyè onífìlà funfun tó ni ilẹ̀ ní Èkó. Pín in sí méjì: ipò tí gbogbo ayé mọ̀, àti orúkọ oyè gan-an. Ipò ni kí o túmọ̀, kí ó di “Olóyè”. Orúkọ oyè, má fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: “Olóyè Olúwa ti Èkó, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ.” Ti adájọ́ tó ka ìdájọ́ ọjọ́ náà, Fáíkáǹtì Haldane, yàtọ̀ díẹ̀: fi Fáíkáǹtì sílẹ̀ bó ṣe wà, nítorí oyè ọlọ́lá Gẹ̀ẹ́sì ni. A kò ní oyè yẹn nílẹ̀ wa. Bí o bá sọ ọ́ di “Olóyè Haldane”, ẹni tó ń kà á lè rò pé Ọba kan ló dé e ní fìlà.

Ìgbà mìíràn, oyè á fi ara jọ orúkọ bàbá. Nínú ẹjọ́ 1931, “Eshugbayi Eleko” ni wọ́n kọ. Èṣùgbàyí ni orúkọ. Elékòó, ẹni tó ni Èkó, ni oyè Ọba. Má yí àkọlé ẹjọ́ padà, nítorí òun ni àwọn lọ́yà yóò fi wá a. Nínú àlàyé tìrẹ, kọ “Ọba Èṣùgbàyí, Elékòó”. Kí o sì ṣọ́ àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa: mo ti rí “Ẹlẹ́kọ” nínú ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ tán ní Ṣómólú, wọ́n sọ Ọba di ẹni tó ń ta ẹ̀kọ.

Ibi tí òfin yìí ti le ni pé àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ olóyè ń fi oyè náà ṣe orúkọ ìdílé báyìí. Olúwa, Ọ̀jọ́ra àti Onírù wà lórí ìwé ìrìnnà àwọn tí kò jẹ oyè rí. Bí o bá rí irú rẹ̀, wo ọdún ìwé náà, kí o sì bi ẹbí bóyá ẹni náà gan-an ló wà lórí oyè lọ́dún yẹn. Bí kò bá sí, orúkọ lásán ni: dà á kọ bó ṣe wà, má fi “Olóyè” ṣíwájú rẹ̀.