Owó Ilé Bàbá Wa ní Òkè-Ẹ̀sọ̀: Bí Mo Ṣe Ṣírò Ìpín Ọdún 2024, àti Ibi Tí ₦115,000 Mi Há Sí

Òrùlé ni ó kó mi sínú iṣẹ́ yìí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, ìjì òjò àkọ́rọ̀ ṣí páànù apá ẹ̀yìn ilé bàbá wa ní Òkè-Ẹ̀sọ̀, ní Iléṣà. Káfíńtà dúró nílẹ̀, ó wòkè, ó ní ₦280,000 ni iṣẹ́ náà yóò gbà. Nígbà tí ó gun àjà, ó fi ìka méjì pọ́n igi ìdábùú kan, igi náà sì rún sí i lọ́wọ́ bí gàrí. Ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán. ₦500,000 ni iṣẹ́ parí sí. Kò sí kọ́bọ̀ nínú àpò ilé, nítorí bọ̀ọ̀dá wa àgbà, tí ó ti ń gba owó ilé láti ìgbà tí bàbá wa ti kú ní 2009, a máa pín gbogbo ohun tí ó bá wọlé tán ní oṣù Kejìlá ọdọọdún, kì í ṣẹ́ nǹkan kan kù de àtúnṣe. Owó ìfẹ̀yìntì mi ni mo fi kan òrùlé náà. Nígbà tí mo béèrè bí owó mi yóò ṣe padà, àwọn yòókù ní kí n kúkú máa bójú tó ilé náà fúnra mi, bọ̀ọ̀dá sì yọ̀ǹda. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà ni mo gba ìwé àti kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn.

Òṣómàáló ni bàbá wa, ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò aṣọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń tajà láwìn, tí wọ́n sì ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ẹni tí ó bá jẹ wọ́n títí tí onítọ̀hún yóò fi sanwó. Èrè aṣọ ni wọ́n fi kọ́ petẹ́ẹ̀sì yìí. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ni ó wà níwájú, yàrá mẹ́jọ sì wà lẹ́yìn àti lókè. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ń mú ₦180,000 wọlé lọ́dún, yàrá kọ̀ọ̀kan sì ń mú ₦60,000 wá, tí gbogbo rẹ̀ fi jẹ́ ₦1,200,000. Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá wa fẹ́, ọmọ méje sì ni wá: ìyá àgbà bí mẹ́rin, ìyá tèmi bí méjì, ìyàwó kékeré bí ọ̀kan ṣoṣo.

Ṣíṣí àpò owó ní báǹkì, títẹ ìwé rìsíìtì olójú méjì, àti yíyan ẹnì kan láti ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan tí yóò máa fọwọ́ sí ìwé owó kò gbà mí ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, n kò sì ní fi wọ́n gùn ún. Ọ̀nà ìpín náà kò dá wa dúró bí mo ti rò. Àwọn ọmọ ìyá àgbà kọ́kọ́ fẹ́ orí-ò-jorí, kí á pín in sọ́nà méje, nítorí àwọn ni wọ́n pọ̀ jù. Àmọ́ ìdí-igi, tí ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan ń gba ìpín kan náà, ni a ti ń pín láti 2009, òun náà sì ni àṣà Yorùbá gbà ní ìpìlẹ̀ nígbà tí bàbá bá kú láìkọ ìwé ìhágún. Ẹjọ́ Dáwódù àti Dánmọ́lé, tí ó ti Èkó dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ olùgbẹ́jọ́ Ìlú Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, dá lé ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fìdí ìdí-igi múlẹ̀. Wọ́n ka orí-ò-jorí sí ọ̀nà tí olórí ẹbí lè gbà parí ìjà. Àwa kò tíì jà. A fi í sílẹ̀ ní ìdí-igi.

Ìgbà tí mo rò pé iṣẹ́ ti tán ni wàhálà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kìíní 2024, mo lọ gba owó ọdún lọ́wọ́ aránṣọ tí ó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Ọkùnrin náà kò bá mi jiyàn. Ó na ọwọ́ sí abẹ́ tábìlì ìgéṣọ, ó fa ọ̀rá kan yọ, ó sì tẹ́ ìwé tí wọ́n ya láti ara ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ iléèwé sí iwájú mi. Ọwọ́ bọ̀ọ̀dá ni: ₦360,000, owó ọdún 2024 àti 2025, tí wọ́n gbà ní oṣù Kẹwàá 2023, ó ku oṣù kan kí wọ́n tó fa ilé lé mi lọ́wọ́.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé aránṣọ ni mo kọ́kọ́ bínú sí. Mo sọ fún un pé kí ó lọ gba owó rẹ̀ padà lọ́wọ́ ẹni tí ó gbà á, kí ó sì san tèmi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí ó kó ẹ̀rọ rẹ̀ jáde. Lọ́yà kan tí ó jẹ́ àna wa ni ó tẹ́ mi sílẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọdún mélòó ni ọkùnrin yìí ti ń sanwó fún bọ̀ọ̀dá yín?” Mo ní ọdún mẹ́wàá. Ó ní, “Ìgbà wo ni ẹ kọ̀wé sí i pé kí ó má san án fún wọn mọ́?” N kò kọ ìwé kankan. Ó ní ẹni tí ó san owó fún ẹni tí gbogbo ẹbí ti fi ṣe agbowó, tí a kò sì kìlọ̀ fún, ti san tirẹ̀ nìyẹn. Àárín àwa ọmọ ni gbèsè wà. Ó fi kún un pé bí mo tilẹ̀ fẹ́ lé e, ayálégbé ọlọ́dún ni, oṣù mẹ́fà ni ìkìlọ̀ rẹ̀ bí a kò bá bá a ṣe àdéhùn mìíràn. Mo padà lọ bẹ aránṣọ. Ó gba ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni kò ti rán aṣọ mi mọ́. Ní ọjọ́ kejì ni mo kọ lẹ́tà fún gbogbo ayálégbé, mo kọ nọ́ńbà àpò owó sínú rẹ̀, mo sì jẹ́ kí bọ̀ọ̀dá fọwọ́ sí i. Ọjọ́ tí mo gba kọ́kọ́rọ́ ni ó yẹ kí n ti kọ ọ́, kí n tó tilẹ̀ jókòó.

Bọ̀ọ̀dá gan-an gbà mí ní oṣù márùn-ún. Bí mo bá pè wọ́n, wọ́n á ní àwọn wà lọ́nà oko. Nígbà tí mo bá wọn nílé, wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé olè ni o ń pè mí?” Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ má bínú sà, ìṣírò ni mo ń ṣe.” Wọ́n wá ṣàlàyé pé owó náà jẹ́ owó tí àwọn fi tún ṣaláńgà ṣe ní 2021, tí ẹnikẹ́ni kò san padà. Ọ̀rọ̀ náà mú mi rò, nítorí bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀tọ́ wọn ni gẹ́gẹ́ bí owó òrùlé ti jẹ́ ẹ̀tọ́ mi. Òru mẹ́ta ni mo fi tú ìwé tí wọ́n kó fún mi. Nínú ojú ewé ọdún 2021, tí epo pupa ti lẹ̀ mọ́ èkejì rẹ̀, mo rí i ní ọwọ́ àwọn fúnra wọn: “Ṣaláńgà, yọ kúrò kí á tó pín.” Gbogbo wa ni a ti san owó náà láti ọdún yẹn. Mo gbé ìwé náà lọ, n kò sọ ọ̀rọ̀ kan, mo kàn fi ìka sí ojú ìlà náà. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí ìyàwó àwọn gbé omi wá fún mi.

Bí mo ṣe ṣírò rẹ̀ ni èyí, mo sì ń fi í yangàn. Owó tí ènìyàn bá gbà sílẹ̀, ọdún tí ó ni ín ni a ń kọ ọ́ sí. Nítorí náà ₦180,000 péré nínú owó aránṣọ ni ó jẹ́ ti 2024, ìyókù di 2025. Lórí ₦1,200,000 tí ilé pa, mo kọ́kọ́ yọ ₦250,000, ìdajì owó òrùlé mi. Mo yọ ₦50,000 fún kọ́kọ́rọ́, omi àti ọ̀dà, mo sì fi ₦120,000, ìdá kan nínú mẹ́wàá, pamọ́ de àtúnṣe ọjọ́ iwájú. Ó ku ₦780,000, tí ó fún ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan ní ₦260,000. Àwọn mẹ́rin ti ìyá àgbà gba ₦65,000 lórí, àwa méjì gba ₦130,000, àbíkẹ́yìn nìkan sì ni ó ni ₦260,000. Àmọ́ àbíkẹ́yìn ń gbé inú yàrá kan láìsanwó, mo sì ka ₦60,000 rẹ̀ sí ohun tí ó ti gbà; ₦200,000 ni mo fún un. Ó kùn díẹ̀, ó ní ilé bàbá òun ni. Mo ní ilé bàbá gbogbo wa ni.

Bọ̀ọ̀dá ti gba ₦180,000 ti ọdún náà, ₦65,000 sì ni ìpín wọn. Wọ́n jẹ ₦115,000. Àwọn àbúrò wọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà bẹ̀ mí pé kí n má yọ ọ́ nínú ₦260,000 ìdí wọn, òótọ́ sì ni wọ́n sọ: ẹni tí ó gba owó ni ó jẹ ẹ́, ìyá rẹ̀ kò jẹ ẹ́.

Ìwé mi pé géérégé. Àpò owó ni kò pé. Owó tí ó wọ báǹkì jẹ́ ₦960,000, nítorí owó aránṣọ àti ti yàrá àbíkẹ́yìn kò wọlé. Tí a bá yọ ₦420,000 ti òrùlé, àtúnṣe àti ìpamọ́ kúrò, ₦540,000 ni ó kù, bẹ́ẹ̀ ₦655,000 ni ó yẹ kí n pín fún àwọn mẹ́fà. Ó dín ní ₦115,000, iye tí bọ̀ọ̀dá jẹ gan-an. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró de bọ̀ọ̀dá, kí á má baà fọwọ́ kan ìpamọ́ ní ọdún tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a sílẹ̀. Ojú tì mí láti sọ fún àwọn àbúrò pé kí wọ́n gba owó tí kò pé, mo sì fi tèmi sílẹ̀: ₦135,000 ni mo gbà lórí òrùlé dípò ₦250,000. Báyìí ni gbèsè wọn di gbèsè tí wọ́n jẹ èmi nìkan. Bí mo bá tún un ṣe, iye tí ó dín ni n óò pín fún gbogbo àwọn mẹ́fà bí ìpín oníkálukú bá ti tó, n óò sì gba owó iṣẹ́ díẹ̀, nítorí n kò gba kọ́bọ̀ fún gbogbo ìrìn náà. Ní 2025 mo ṣe ti ìpín náà bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó kú.

Ní ìparí 2025, gbèsè bọ̀ọ̀dá ti di ₦230,000, nítorí owó aránṣọ ti ọdún náà wà lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò ní gba ìpín títí yóò fi tán, èyí tí yóò dé 2028 bí ìpín wọn bá pọ̀ sí i lẹ́yìn tí owó òrùlé bá kúrò nílẹ̀. Aránṣọ san owó 2026 sí báǹkì ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú Kérésìmesì. Bọ̀ọ̀dá ni ó kọ́kọ́ pè mí láti béèrè bóyá ó ti wọlé.