Límíìtì tí kò sí: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ẹ̀rí ọ̀nà méjì

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń fún àwọn ọmọ yunifásítì ọdún kejì tó ń wá kọ́ ìṣirò lọ́dọ̀ mi l'Ágọ̀-Ìwòyè nírọ̀lẹ́. Ṣé límíìtì wà fún

f(x,y) = x²y/(x⁴ + y²)

bí (x,y) ṣe ń sún mọ́ (0,0)? Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń kọ kì í yàtọ̀. Wọ́n á fi y = 0, wọ́n á rí 0. Wọ́n á fi x = 0, wọ́n á tún rí 0. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe aáyan díẹ̀ sí i á fi y = x, á rí x/(x² + 1), ìyẹn náà á sì lọ sí 0. Wọ́n á wá fa ìlà sábẹ́ rẹ̀: "Límíìtì wà, 0 sì ni." Irọ́ ni. Límíìtì kò sí níbẹ̀ rárá.

Apá kan ṣoṣo ni ẹ̀rí ọ̀nà méjì ti ń ṣiṣẹ́. Bí ọ̀nà méjì bá gbé wa dé iye méjì tó yàtọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí, límíìtì kò sí. Ṣùgbọ́n bí iye méjèèjì bá bára mu, a kò tíì mọ nǹkan kan. Kí límíìtì tó lè jẹ́ 0, gbogbo ojú tó wà nítòsí (0,0), láìyọ ọ̀kankan sílẹ̀, ló gbọ́dọ̀ fún wa ní iye tó sún mọ́ 0. Ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta kò kárí àdúgbò yẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó mú ọpọlọ dáadáa gbìyànjú láti kárí rẹ̀. Ó fi y = mx, kí m lè dúró fún ìlà títọ́ yòówù, ó rí mx/(x² + m²). Bí x bá lọ sí 0, èyí náà lọ sí 0, ohun yòówù kí m jẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti gba gbogbo ìlà tán. Kí ló tún kù?" Mo ní kó gba y = x². Òkè di x⁴, ìsàlẹ̀ di x⁴ + x⁴, èsì sì jẹ́ 1/2. Kò lọ sí 0, kò tilẹ̀ yí padà. Ní x = 0.1, 0.5 ni; ní x = 0.01, 0.5 náà ni. Ṣùgbọ́n lórí y = x, ní x = 0.1 a ó rí nǹkan bí 0.099, ní x = 0.01 a ó rí nǹkan bí 0.01.

Báwo ni gbogbo ìlà títọ́ ṣe lè sọ pé 0, kí límíìtì má sì wà? Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí. Ìlà y = mx àti paràbólà y = x² máa ń pàdé ní x = m. Ẹ fi x = m sínú mx/(x² + m²), ẹ ó rí m²/(2m²), ìyẹn 1/2. Nítorí náà, kò sí ìlà kan nínú wọn, bí m kò bá ti jẹ́ 0, tí kò kan 1/2 lójú ọ̀nà kó tó rọ̀ wálẹ̀ sí 0. Bí m bá ṣe kéré tó ni ibi tó ti kan 1/2 yẹn ṣe ń sún mọ́ (0,0) tó. Ìlà kọ̀ọ̀kan ń rọ̀ sí 0 lóòótọ́, ṣùgbọ́n olúkúlùkù rọ̀ ní àkókò tirẹ̀. Kò sí òbìrípo kékeré kankan yíká (0,0) tí gbogbo wọn ti jọ rọ̀ tán. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó fi x = r cos θ àti y = r sin θ, tí wọ́n di θ mú gírígírí, tí wọ́n jẹ́ kí r nìkan lọ sí 0. Ìlà títọ́ ni wọ́n tún ń gbà yẹn.

Wọn kì í ṣàdéédéé mọ̀ ọ̀nà tó yẹ. Ẹ wo ìsàlẹ̀: x⁴ àti y². Ẹ wá ohun tí ẹ máa fi y ṣe kí agbára méjèèjì lè dọ́gba. Bí y bá jẹ́ kx², y² á di k²x⁴, òkè á di kx⁴, x⁴ á fagi lé ara wọn, á ku k/(1 + k²). k = 0 ń fún wa ní 0, k = 1 ń fún wa ní 1/2, ẹ̀rí sì ti délẹ̀.

Òdìkejì àṣìṣe yìí náà wà, ó sì máa ń dùn mí nítorí ìkánjú ló ń fà á. Wọ́n á gba x²y/(x² + y²), wọ́n á fi y = mx, wọ́n á rí mx/(1 + m²). Bí wọ́n ti rí m báyìí, wọ́n á kọ ọ́ pé: "Ó gbára lé m, límíìtì kò sí." Wọn kò tíì jẹ́ kí x lọ sí 0! Bí ó bá lọ, m yòówù, 0 ni. Límíìtì wà níbí lóòótọ́, nítorí x² kò lè ju x² + y² lọ, nítorí náà x²y/(x² + y²) kò lè jìnnà sí 0 ju bí y ṣe jìnnà sí i lọ. Ẹ fi wé xy/(x² + y²), tí y = mx sọ di m/(1 + m²). Níbẹ̀, x ti lọ tán, m ṣì wà: m = 0 fún wa ní 0, m = 1 fún wa ní 1/2. Ẹ̀yìn tí ẹ bá ti gba límíìtì tán ni kí ẹ tó wá m.

Àwọn mìíràn máa ń gba ọ̀nà tí kò tilẹ̀ dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ẹni tó bá gba márosẹ̀ Ṣàgámù sí Bìní tí kò yà sí Ìjẹ̀bú-Òde kò lè jẹ́rìí sí bí ìlú náà ṣe rí. Bí wọ́n bá bèèrè límíìtì ní (1,2), y = mx kò dé ibẹ̀ àfi tí m bá jẹ́ 2. Ọ̀nà tó dé ibẹ̀ ni y − 2 = m(x − 1).

Bẹ́ẹ̀ náà ni fún àwọn nọ́ńbà tó tò tẹ̀léra. Láti fi hàn pé sin(1/x) kò ní límíìtì ní x = 0, mo ti rí ẹni tó kọ xₙ = nπ, nítorí ó rántí pé sáìnì nπ jẹ́ 0. Ṣùgbọ́n nπ ń sá lọ jìnnà sí 0 ni, 1/x ló sì wà nínú sáìnì, kì í ṣe x. Ohun tó yẹ ni xₙ = 1/(2nπ) àti zₙ = 1/(2nπ + π/2), láti n = 1 lọ. Méjèèjì ń lọ sí 0, kò sì sí èyí tó jẹ́ 0 fúnra rẹ̀ nínú wọn. Èkíní ń fún wa ní 0 nígbà gbogbo, èkejì ń fún wa ní 1. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìdánwò pé méjèèjì ń lọ sí 0. Ẹni tó fo gbólóhùn yẹn kò tíì parí ẹ̀rí rẹ̀. Kò tilẹ̀ pọn dandan kí wọ́n jẹ́ méjì: xₙ = 2/(nπ) nìkan ń fún wa ní 1, 0, −1, 0, 1, 0, −1, 0 lọ títí, kò dúró síbì kankan, ìyẹn sì ti tó.