Ajá ìṣọ́ tó wà tí kò gbó: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ẹ̀rọ tó ń jẹ iná tí kò dúró

Táńkì kan ní Parakin, níbí n'Ílé-Ifẹ̀, ló fi ojú mi rí nǹkan. Èmi ni mo ṣe ẹ̀rọ kékeré tó ń tan pọ́ǹpù fún wọn. Bí omi bá lọ sílẹ̀, rìléè á tan pọ́ǹpù. Bí táńkì bá kún, á pa á. Oṣù mẹ́ta ló fi ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà. Àfi bí Màmá onílé ṣe pè mí ní ìdájí ọjọ́ kan: "Ọmọ mi, omi ti ń dà láti òru, ó ti dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ẹ̀rọ rẹ kọ̀, kò pa pọ́ǹpù o." Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n yọ ọ́ lára iná, kí wọ́n sì tún un kì bọ̀ ọ́. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ lọ bíi pé kò sí ohun tó ṣe é.

Ohun tó dùn mí ni pé mo ti fi wọ́ṣídọ́ọ̀gì sínú púrógíráàmù náà. Ajá ìṣọ́ ni àwa ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù wa. Tàímà kan ni, inú ṣíìpù ló wà. Púrógíráàmù gbọ́dọ̀ máa fọwọ́ kàn án lóòrèkóòrè, ìyẹn ni pé kó máa bọ́ ajá. Bí àkókò bá pé tí kò rí oúnjẹ jẹ, á dá ṣíìpù padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Lórí ṣíìpù ATmega328P tí mo ń lò, ajá yìí ní aago tirẹ̀ lọ́tọ̀, kò gbára lé kírísítà tó ń darí ṣíìpù, èèyàn sì lè fún un ní àkókò láti ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá kan títí dé ìṣẹ́jú àáyá 8. Ajá wà, olè wọlé, ajá ò gbó. Kí ló dé?

Àṣìṣe kìíní: ibi tí mo ti ń bọ́ ajá

Èyí ni mo rí nígbà tí mo ṣí púrógíráàmù mi wò:

```c
ISR(TIMER1_COMPA_vect) {
  wdt_reset();
}
```

Tàímà míì ni mo gbé iṣẹ́ bíbọ́ ajá fún. Lẹ́ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tàímà yẹn á já lu ohun tí ṣíìpù ń ṣe lọ́wọ́, á ju oúnjẹ sílẹ̀ fún ajá, á sì padà lọ. Ó rọrùn, ó mọ́ lójú, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń ṣe é. Ṣùgbọ́n wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru yẹn. Ẹ̀rọ tó ń fi ohùn wọn omi wà lókè táńkì. Púrógíráàmù á ní kó dún, á sì dúró de ìdáhùn rẹ̀ báyìí:

```c
while (!(PIND & (1 << 3)));
```

Iná rẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀rọ tó wà lókè ò dáhùn mọ́, púrógíráàmù sì dúró síbẹ̀ tó ń retí rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Rìléè ti wà ní títàn kó tó dúró, ó sì wà bẹ́ẹ̀. Tàímà ní tirẹ̀ ń já wọlé, ó ń bọ́ ajá lẹ́ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ajá yó, ó sùn.

Ẹ má ṣe bọ́ ajá nínú tàímà. Ẹ má sì ṣe fọ́n `wdt_reset()` káàkiri inú púrógíráàmù bí ẹni ń fọ́n iyọ̀. Ibi kan ṣoṣo ló yẹ kó wà: ìparí `loop()`, lẹ́yìn tí a bá ti wọn omi, tí a ti pinnu ohun tí rìléè á ṣe, tí a sì ti ṣe é. Bí iṣẹ́ ò bá yí po débẹ̀, kí ajá má jẹun. Ṣùgbọ́n kí àkókò tí ẹ fún un gùn ju yíyípo tó pẹ́ jù lọ. Ẹni tó kọ `delay(5000)` sí `loop()` tó wá lo `WDTO_2S` á rí ẹ̀rọ tó ń kú tó ń jí láti àárọ̀ dalẹ́, á sì máa bú ẹni tó ta ṣíìpù fún un.

Nǹkan kan tún wà tó ti jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ mi ju bọ́ọ̀dù Arduino Nano kan nù pé ó ti bàjẹ́. Nígbà tí ajá bá ti dá ATmega328P padà, ajá náà ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ, àkókò rẹ̀ á sì ti di èyí tó kúrú jù, mílísẹ́kọ́ńdì 16. Bútílódà àtijọ́, púrógíráàmù kékeré tó ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lórí àwọn Nano kan, ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kó tó parí iṣẹ́ tirẹ̀, ajá á ti tún bù ú jẹ. Iná kékeré tó wà ní pín-ìn-nì 13 á máa ṣẹ́jú wàìwàì, kò sì ní wọ púrógíráàmù yín láéláé. Ṣíìpù ò bàjẹ́ o. Ẹ kọ Optiboot, bútílódà tó tuntun jù ú lọ, sí i, tàbí kí ẹ yọ bútílódà kúrò pátápátá kí ẹ máa fi USBasp kọ púrógíráàmù sí i. Kí èyí sì jẹ́ ohun àkọ́kọ́ nínú `setup()`, kí ẹ tó fi `wdt_enable()` tan ajá padà:

```c
idi = MCUSR;
MCUSR = 0;
wdt_disable();
```

Àṣìṣe kejì: fífi BOD, olùṣọ́ fólítéèjì, sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tà á

Mo tún bíbọ́ ajá ṣe, mo gbé ẹ̀rọ padà lọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Màmá tún fi pè mí. Lọ́tẹ̀ yìí, pọ́ǹpù ò tan rárá. Mo wo inú EEPROM, ibi ìrántí ṣíìpù tí kì í parẹ́ bí iná bá lọ, níbi tí mo tọ́jú ìwọ̀n táńkì sí: 80 ni mo kọ síbẹ̀, 255 ni mo bá. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Mo bi wọ́n bí iná ṣe rí. "Iná wo? Láti ago méje alẹ́ ló ti ń ṣe bíi fìtílà. Gílóòbù kàn pọ́n bẹ́ẹ̀ ni."

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Tàráńsífọ́mà mi jẹ́ ti fóòtì 9, lẹ́yìn rẹ̀ ni dáyóòdù mẹ́rin, kapásítọ̀, àti 7805 tó ń mú fóòtì 5 jáde. Bí iná bá jẹ́ 220, nǹkan bíi fóòtì 11 ló ń wọ 7805. Ó pọ̀ tó, nítorí 7805 fẹ́ kí ohun tó ń wọlé fi nǹkan bíi fóòtì 2 ju ohun tó ń jáde lọ. Bí iná bá já sí 110, fóòtì 9 yẹn di 4.5, ohun tó ń wọ 7805 di bíi 5, ohun tó ń kan ṣíìpù sì di bíi fóòtì 3.

Ibí yìí ni wàhálà wà. Bí kírísítà bá jẹ́ 16 MHz, ìwé tí àwọn tó ṣe ṣíìpù yìí kọ fi hàn pé kò gbọ́dọ̀ gba iná tó kéré sí nǹkan bíi fóòtì 3.8. Olùṣọ́ fólítéèjì tó wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń kọ ní BOD, ló yẹ kó dá a dúró kó tó débẹ̀. Ṣùgbọ́n 2.7 ni wọ́n fi sí lórí Arduino Uno. Láàárín 3.8 àti 2.7, ṣíìpù ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tó mutí yó: ó lè ka àṣẹ kan sí òmíràn, ó lè kọ ìkọkúkọ sínú EEPROM, BOD á sì máa wò ó níran. Èyí tó burú jù ni pé iná lè gòkè padà sí 200 láìjẹ́ pé ṣíìpù fi ìgbà kankan kú kó tún jí. Wèrè tó ṣe ní 110 ló ń bá kiri.

Fún ẹ̀rọ tó ń jẹ fóòtì 5 pẹ̀lú 16 MHz, 4.3 ló yẹ kí BOD jẹ́. `loop()` ò lè ṣe èyí fún yín, okùn USB náà ò lè ṣe é, nítorí fíúsì ni, ìyẹn ètò tí a ń kọ sínú ṣíìpù fúnra rẹ̀. Ẹ nílò USBasp tàbí irú rẹ̀:

```
avrdude -c usbasp -p m328p -U efuse:w:0xFC:m
```

`0xFD` ni 2.7, `0xFF` ni ẹni tó pa BOD pátápátá. Ẹ má ṣe kọ `0xFC` sí bọ́ọ̀dù tó ń jẹ fóòtì 3.3 o, kò ní jí mọ́. Ti 8 MHz ní 3.3, ẹ fi 2.7 sílẹ̀ fún un. Bákan náà, kí ẹni tó ń fi ṣájà fóònù olówó pọ́ọ́kú gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kọ́kọ́ fi mítà wọ̀n ọ́n nígbà tí rìléè wà ní títàn. Bí ó bá jẹ́ 4.5 ló ń bá níbẹ̀, BOD á máa pa á nígbà tí iná ìjọba ò ṣe nǹkan kan.

Àṣìṣe kẹta: kó jí kó sì tan pọ́ǹpù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀

Lẹ́yìn tí mo fi BOD sí 4.3, rìléè bẹ̀rẹ̀ sí í dún tá-tá-tá-tá. Pọ́ǹpù bá tan, iná ilé á tún wálẹ̀ díẹ̀ sí i, BOD á pa ṣíìpù, rìléè á já, iná á gòkè, ṣíìpù á jí, á rí i pé táńkì ò kún, á tan pọ́ǹpù. Ìyẹn á jo ẹnu rìléè, kò sì dára fún mọ́tò. Bí ṣíìpù bá jí, kó kọ́kọ́ dúró ìṣẹ́jú 3:

```c
for (uint16_t i = 0; i < 1800; i++) {
  delay(100);
  wdt_reset();
}
```

Ẹ ó bi mí pé ṣebí mo ní ibi kan ṣoṣo ni kí á ti bọ́ ajá. Èyí ní òpin tí a mọ̀, `while` ti ìṣáájú yẹn ò ní. Ẹ tún fi rẹsítọ̀ kíló-óòmù 10 sí àárín ẹsẹ̀ táráńsítọ̀ tó ń gba àṣẹ ṣíìpù àti ilẹ̀, nítorí nígbà tí ṣíìpù bá kú, pín-ìn-nì rẹ̀ ò di ohunkóhun mú, táráńsítọ̀ sì lè máa mì láàárín títàn àti kíkú.

Tí ẹ bá fẹ́ dán an wò, yíyọ okùn lára iná ò tó. Iná tó lọ pátápátá kì í ṣe ọ̀tá wa. Ẹ fi páwà sọ́pùláì tó ṣeé yí dípò 7805, ẹ rọra mú un wálẹ̀ láti 5 dé 2.5, kí ẹ tún rọra gbé e gòkè, ní ìgbà bíi mẹ́wàá. Fún ajá, ẹ kọ `while(1);` sí ibì kan nínú `loop()`, kí ẹ ka iye àkókò tó fi jí.

Ti `idi` tó wà lókè yẹn, ó máa ń sọ ẹni tó pa ṣíìpù: `BORF` ni BOD, `WDRF` ni ajá. Bí ó bá ń fi 0 hàn nígbà gbogbo, bútílódà ló ti pa á rẹ́ kó tó kàn yín, ẹ lo USBasp. Ní Parakin, mo ní kó máa ka méjèèjì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí mo padà lọ wò ó, ti ajá ò kúrò ní òdo. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ti BOD, alẹ́ ló sì pọ̀ sí. Ìyẹn ni pé púrógíráàmù ti dára, iná ni kò tó. Mo yọ tàráńsífọ́mà fóòtì 9, mo fi ti 12 sí i. Ní 110, fóòtì 7 ló ń wọ 7805 báyìí. Ní 240 ó ń lọ sí 17, nítorí náà mo so irin tó ń fa ooru mọ́ 7805, mo sì pààrọ̀ kapásítọ̀ sí ti fóòtì 35.